Àṣálẹ́ Káàdì ní Ọ̀sán Gangan

Natako, Lọ́kọ́ja,
Oṣù Kẹta, ọdún 1964.

Ìyábọ̀ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Òkun o. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ẹni tí ń bẹ nínú rẹ tí a kò tíì rí. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ kò wú mọ́? Ní tèmi, ara mi yá, àfi eékún tó ń ráhùn nígbà tí mo bá dìde nídìí abọ́ ìfọṣọ. Èmi fúnra mi ni mo kọ ìwé yìí, mi ò bẹ akọ̀wé kankan. Bí o bá rí ibi tí lẹ́tà ti wọ́, fojú fò ó. Ilé-ẹ̀kọ́ àgbà kò kọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ́ mi, mo mọ̀ ọ́n.

O bi mí nínú lẹ́tà rẹ bóyá èmi àti Kàrímọ́tù yóò jọ wá sí Ìlọrin láti wẹ ọmọ nígbà tí o bá bí i. O ní òun ló pọ̀n ọ́ jù lọ nígbà tí o kéré, àti pé bí a kò bá jọ wá, inú rẹ kò ní dùn. Mi ò dá ọ lóhùn láti ìgbà náà nítorí mi ò mọ ohun tí màá sọ. O mọ̀ pé ó ti tó ọdún kan tí a kò bá ara wa sọ̀rọ̀. Ilé ìfọṣọ kan náà la wà ní ọsibítù, èmi ń fọ̀, òun ń lọ̀, bí mo bá sì fẹ́ kó gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún mi, ògiri ni mò ń bá wí: “Kí ẹni tó wà níbẹ̀ gbé aṣọ wá.” Òun náà a sì bá ayọ́ọ̀nù rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ aṣọ tí búlúù ìfọṣọ bà jẹ́ ló fà á. Métírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, bá mi wí, mo sì gbà pé Kàrímọ́tù ló lọ sọ. Òun náà ní òun gbọ́ ohun tí mo sọ nípa òun. Títí di òní, kò tíì yé mi ẹni tó sọ kí ni.

Nísinsìnyí, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọláníyì, akọ̀wé wa, tẹ ìwé kan, ó sì fún Súbérù oníṣẹ́ pé kó gbé e yí gbogbo ọsibítù ká. Bí ó ṣe máa ń rí ni pé bí ìwé bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, wàá kà á, wàá kọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ, wàá fọwọ́ sí i, Súbérù yóò sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Ìwé náà sọ pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ wá sí àṣálẹ́ káàdì, ní Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù kọ̀ọ̀kan, láti aago méjìlá sí aago kan ọ̀sán, lábẹ́ máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé oògùn. Kí kálukú mú oúnjẹ rẹ̀ wá. Kò sí owó, kò sí ẹ̀bùn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, wọn yóò kọ́ ọ.

Mo kà á, mo tún un kà. Àṣálẹ́ wo ló wà ní aago méjìlá ọ̀sán? Mo bi Súbérù, ó ní òun kọ́ lòun kọ ọ́. Èyí tó tún dà mí láàmú ni ti owó. Gbogbo káàdì tí mo mọ̀ létí omi, owó ni wọ́n fi ń ta á, òun ni wọ́n sì ń torí rẹ̀ jà. Bí kò bá sí owó, kí ni wọ́n ń ta? Mo ti fẹ́ kọ bẹ́ẹ̀ kọ́, ni mo bá rí orúkọ Kàrímọ́tù lókè tèmi. Ó ti fi lẹ́tà Lárúbáwá rẹ̀ fọwọ́ sí i, Súbérù sì ti bá a kọ bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, ta ni yóò rò pé òun ló lé mi sílé? Mo kọ bẹ́ẹ̀ ni, mo kọ ọ́ gàdàgbà.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Ọláníyì ní kí kálukú fa káàdì kan láti mọ ibi tí yóò jókòó. Àwọn tó fa àwòrán kan náà yóò jókòó pa pọ̀. Mo fa ìràwọ̀. Bọ́sẹ̀dé nọ́ọ̀sì fa ìràwọ̀, Rùfáì tó ń wa ọkọ̀ aláìsàn fa ìràwọ̀, ta ló tún kù? Kàrímọ́tù. Ó wá jókòó sí ọ̀tún mi, ọ̀tún náà ni eré sì ń gbà lọ.

Eré náà kò le. Wọ́n pín káàdì mẹ́fà mẹ́fà fún wa, wọ́n ṣí ẹyọ kan sáàárín, wọ́n dojú ìyókù délẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣí yẹn ni wàá wò. Bí ó bá jẹ́ òbìrípo tí a kọ mẹ́rin sí, wàá fi òbìrípo lé e tàbí mẹ́rin míràn. Bí o kò bá ní, wàá mú ẹyọ kan nínú èyí tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní lílọ sọ́jà. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ló borí, ṣùgbọ́n bí ó bá ku ẹyọ kan, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta. Káàdì kan wà tí ogún wà lára rẹ̀, wọ́ọ̀tì lorúkọ rẹ̀. Ìyẹn lè lé ohunkóhun, ẹni tó bá sì jù ú lè béèrè àwòrán tó bá wù ú. Òfin tí Ọláníyì fi kún un ni pé wàá pe ẹni tó kàn ní orúkọ, wàá sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí àwa òṣìṣẹ́ lè mọ orúkọ ara wa.

Wọ́ọ̀tì wà lọ́wọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé o ti rí ìdààmú mi? Ẹni tó kàn lẹ́yìn mi ni Kàrímọ́tù. Kàkà kí n pe orúkọ rẹ̀, mo lọ sọ́jà. Mo tún lọ. Káàdì kún ọwọ́ mi débi pé mo ń tẹ́ díẹ̀ sórí ìró mi. Rùfáì ní ṣé màmá fẹ́ ṣí ìsọ̀ ni. Bọ́sẹ̀dé yọjú wo ọwọ́ mi, ó ní, “Màmá, ẹ mà ní wọ́ọ̀tì.” Mo ní kó gbájú mọ́ tirẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí Kàrímọ́tù fi gbé ojú sókè, ó ní, “Ó ku ẹyọ kan.” Ògiri kọ́ ló bá sọ ọ́, èmi ni ó ń wò. Bí mo bá tún lọ sọ́jà, ó lè borí mi. Ohun kan ṣoṣo tó lè dá a dúró ni wọ́ọ̀tì, kí n béèrè ohun tí kò ní. Mo jù ú sílẹ̀. Mo ní, “Kàrímọ́tù, fún mi ní ìràwọ̀.”

Ó wo káàdì rẹ̀, ó wò mí, ó sì rọra gbé e sílẹ̀. Ìràwọ̀ ni. Ó ní, “Ìràwọ̀ rẹ rèé, Adéòkè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí o béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi.”

Ìyábọ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó borí mi ni àbí èmi ni mo borí. Kò sí ẹ̀bùn tí à bá fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rín pa Rùfáì, èmi sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú káàdì lórí ìró. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹnu mi ti là, mo ní kí n má pa á dé. Mo ní, “Ìyábọ̀ ní kí a jọ wá sí Ìlọrin.” Ó ní, “Mo mọ̀. Ó kọ̀wé sí èmi náà. Mo ti ra kànìnkànìn àti àdí àgbọn, mo ń wo ẹnu rẹ ni.” Mi ò bi í nípa búlúù, òun náà kò sọ ọ́. Ó bu àkàrà rẹ̀ sí méjì, ó sì fún mi ní èyí tó tóbi.

Nítorí náà, a ń bọ̀. Ọkọ̀ tó ń gba Kábbà la máa wọ̀. Kí Olúwa jẹ́ kí o sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Má ṣe gbé ohun tó wúwo.

Èmi ni ìyá rẹ tí kì í bẹ̀bẹ̀,
Sárà Adéòkè.

Mo tún rántí: Súbérù ti gbé ìwé oṣù tó ń bọ̀ dé. Àṣálẹ́ káàdì, aago méjìlá ọ̀sán, bákan náà ni wọ́n tún kọ ọ́. Mo bi Ọláníyì fúnra rẹ̀, ó ní alẹ́ ni òun kọ́kọ́ fi í sí, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé ní Ganaja ní ọ̀nà ilé àwọn jìn lálẹ́, ni òun bá gbé e sí ọ̀sán, orúkọ náà sì ti dùn mọ́ òun lẹ́nu. Kò yé mi síbẹ̀. Mo kọ bẹ́ẹ̀ kọ́ fún ara mi, mo sì bá Kàrímọ́tù kọ tirẹ̀, mo wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: àwa méjèèjì ń lọ sí Ìlọrin.