Ife Kọfí Kejì Lórí Tábìlì Mama Pilar

                                        Yàrá Ìsàlẹ̀, Ilé Kejìlélógójì,
                                        Rosethorn Avenue,
                                        Toronto, Canada.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kejì, 2025.

Fúnkẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá yín ńkọ́, ṣé ó ti ń gbé wọn dé ìta báyìí? Ẹ kú ooru o. Yìnyín ti bo fèrèsé tèmi pátápátá, iná ni mò ń tàn lọ́sàn-án gangan kí n tó rí ọwọ́ ara mi. Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Mo mọ̀ pé o ti bínú pé mi ò gbé fóònù rẹ láti oṣù tó kọjá. Má bínú, jọ̀ọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yìí, ẹkún ni mo máa ń sun.

Ṣé o rántí Mama Pilar, onílé mi, arúgbó ará Spain tó ń gbé lókè? Ẹni tí mo ní wọ́n ń pè mí ní ọmọ àwọn. Rọpárọsẹ̀ ti mú wọn, Fúnkẹ́. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kú, wọn ò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọwọ́ èmi náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Má tíì sọ pé rárá, gbọ́ tẹnu mi ná.

Láti oṣù kẹfà tí mo ti kó débí, gbogbo Sunday, aago méjì ààbọ̀, ni Mama máa ń pè mí gòkè wá jẹun. Oúnjẹ ńlá ni o! Ẹ̀wà roboto pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ (èmi kì í jẹ ẹran yẹn, Mama á ṣa tèmi lọ́tọ̀), ẹja, búrẹ́dì, ọsàn. Ìwọ náà mọ̀ mí, n kì í sọ̀rọ̀ tí oúnjẹ bá wà lẹ́nu mi, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Bí mo bá ti jẹun tán, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo kó àwo, mo lọ fọ̀ ọ́. Mama á ní, "Fi sílẹ̀, jókòó." Èmi á ní, "Háà, Mama, ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́." Lọ́dọ̀ wa, bí àgbà bá ní kí o fi àwo sílẹ̀ tí o sì fi sílẹ̀ lóòótọ́, ìyá rẹ ni wọ́n máa bú. Ẹ̀kọ́ ilé ni mo rò pé mò ń fi hàn. Orí mi ń wú, àní!

Ohun kan wà tí mi ò béèrè. Kí a tó jẹun tán, Mama á gbé ife kọfí kékeré méjì sórí tábìlì. Wọ́n ń mu ọ̀kan, ìkejì a máa wà lófìfo níwájú àga mi. Èmi rò pé ti ọkọ wọn tó kú ni. Àwa kọ́ la máa bi opó ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ni mo ṣe ń kó méjèèjì fọ̀, èyí tó dọ̀tí àtèyí tó mọ́. Tó bá di aago mẹ́rin, Gàfárù tó ń fi mọ́tò gbé wa lọ síbi iṣẹ́ ní Bolton á ti máa fun fèrè níta, èmi á sáré jáde. Warehouse ni mo ṣì wà, shift alẹ́.

Nínú oṣù kìn-ín-ní, Sunday méjì léra wọn, Mama di ọwọ́ mi mú bí mo ṣe ń kó àwo. Wọ́n ní, "Lónìí, jókòó díẹ̀." Èmi ní, "Next week, Mama, mo ṣèlérí." Mo ti fọ àwo tán kí wọ́n tó tún lanu. Àìmọ̀kan àìmọ̀kàn ní ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Ní Tuesday, ọjọ́ kọkànlélógún, mo ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, mo sùn. Bí aago mẹ́sàn-án, mo gbọ́ gbì! lókè. Mo la ojú. Mo ní Mama ti ju ìkòkò sílẹ̀. Mo fa bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, mo sùn padà. Fúnkẹ́, mo sùn padà! Aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo gòkè lọ dá ṣíbí wọn padà, mo bá wọn lórí ilẹ̀ kíṣìnnì, ojú wọn là sílẹ̀, wọ́n ń wò mí. Mo pe ambulance. Dókítà ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì wà, àmọ́ láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n ń fún èèyàn. Wákàtí mẹ́fà ni Mama fi wà nílẹ̀, èmi sì ń hanrun lábẹ́ wọn.

Gonzalo, ọmọ àbúrò wọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò ní Oshawa, dé nírọ̀lẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé wọn ò sọ fún ọ ni?" Mo ní sọ kí ni? Ó ní rọpárọsẹ̀ kékeré kan ti kọ́kọ́ mú Mama lẹ́yìn Kérésì, ó sì lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Dókítà kìlọ̀ pé èyí ńlá lè tẹ̀lé e, kí wọ́n sọ fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbé pé tó bá gbọ́ ìró kankan, kó sáré wá. Gonzalo fẹ́ pè mí. Mama kọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti fóònù, àwọn á sọ ọ́ fún mi ní sobremesa.

Mo ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó ṣàlàyé. Orúkọ tí àwọn ará Spain ń pe àkókò tí èèyàn fi ń jókòó sídìí tábìlì lẹ́yìn oúnjẹ ni. Wọn kì í kó àwo kíákíá. Kọfí á dé, ọtí kékeré á dé, wọ́n lè ta káàdì, èérún búrẹ́dì á wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ní Sunday, ó lè tó wákàtí méjì, mẹ́ta, tí oúnjẹ alẹ́ á fi bá wọn níbẹ̀. Ní ilé oúnjẹ wọn pàápàá, agbáwo kì í mú bíìlì wá títí o fi béèrè, torí ó dà bí ẹni ń lé ọ. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Tí kọfí bá ti fẹ́ẹ̀ tán ni ọ̀rọ̀ ńlá ń jáde: ìfẹ́sọ́nà, ogún, àìsàn. Ẹni tó bá dìde ní kété tó jẹun tán, oúnjẹ ló wá jẹ, kò wá bá èèyàn. Ojú tì mí, mi ò lè wò ó lójú. Ó ní Mama kì í bínú, wọ́n á máa sọ pé, "Ọmọ yẹn ń kánjú, lọ́jọ́ kan yóò jókòó." Fún ìgbà àkọ́kọ́ ni mo béèrè ife kejì yẹn. Ó ní, "Tìrẹ ni."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo ti sọ fún Gàfárù pé mi ò bá wọn lọ sí Bolton ní Sunday mọ́. Ó bú mi dáadáa.

Bá mi kí ìyá yín, kí Rónkẹ́ àtàwọn ọmọ. Tí o bá dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, tí wọ́n fún ọ lóúnjẹ, jọ̀ọ́, má tètè kó àwo. Jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ lọ́lẹ.

Lánàá, mo di ife méjèèjì sínú báàgì, mo gbé wọn lọ sí hospital. Mo fi ṣíbí fún Mama ní ọbẹ̀ lílọ̀ tí wọ́n ń jẹ báyìí. Ẹni tó wá kó àwo, mo ní kó jọ̀ọ́, kó fi sílẹ̀. Mo gbé ife méjèèjì sórí tábìlì, láìsí nǹkan kan nínú wọn, torí wọn ò gbọdọ̀ mu kọfí. Mama fi ọwọ́ òsì ti ọ̀kan sọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Mama, mo ti jókòó. Ẹ sọ ọ́." Ẹnu wọn ń ṣiṣẹ́, ó ń ṣiṣẹ́, mi ò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Mi ò dìde títí nọ́ọ̀sì fi ní àkókò àlejò ti tán.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í gbàgbé rẹ,
Fọláyọ̀