Àtẹ́wọ́ Mẹ́rin Inú Orin Ìyá Rẹ

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá yín nínú ìlera, kí ikọ́ ọmọ yẹn sì ti lọ pátápátá. Ara tèmi le, àfi orúnkún tó máa ń bá mi ṣọ̀tá nígbà òtútù. Ọkàn mi ni kò balẹ̀.

O mọ̀ pé ìyá rẹ ń du ipò kánsẹ́lọ̀ àdúgbò wa. Ó ní kí n kọ ègbè orin ìpolongo fún òun, nítorí èmi gbẹ́nàgbẹ́nà yìí kò lè rẹ́ pákó láìkọrin. Ó kìlọ̀ fún mi: n kò gbọ́dọ̀ bú alátakò kankan, orin náà kò gbọ́dọ̀ gùn, n kò sì gbọ́dọ̀ fi ohun tí kò sí lọ́wọ́ kánsù sí i. Ó ní, "Gọ́tà, ìdọ̀tí, iná ojú títì, ìyẹn ni tiwa. Iléeṣẹ́ omi ló ni omi ẹ̀rọ. Ẹ má sọ mí di òpùrọ́ o, bàbá àwọn ọmọ mi."

Má rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Ó rọrùn fún mi láti kan àga mẹ́fà ju kí n kọ ìlà mẹ́rin lọ. Ohùn orin gbọ́dọ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹnu á kọ̀ ọ́. Ẹni tó ń rìn gbọ́dọ̀ lè kọ ìlà kan ní èémí kan. Mo kọ́kọ́ kọ "á tún àdúgbò ṣe", mo sì pa á rẹ́, torí ta ló mọ ibi tí àtúnṣe ń parí sí? Nọ́ọ̀sì ṣáà ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá rẹ. Báyìí ló ṣe rí nígbẹ̀yìn:

Ta ló mọ̀ wá? Nọ́ọ̀sì wa!
Ta la ó rán? Nọ́ọ̀sì wa!
Á gbọ́ tiwa, á jábọ̀ fún wa,
Nọ́ọ̀sì wa, Nọ́ọ̀sì wa!

Lẹ́yìn ìyẹn, mo fi àyè àtẹ́wọ́ mẹ́rin sílẹ̀ kí àwọn èèyàn lè mí. Èmi ni mo ń dá a, èrò ń gbè é. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì péré, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Orí mi wú, n kò purọ́.

Àyè yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí a ń rìn káàkiri, ẹnì kan pariwo sí ibi àtẹ́wọ́ pé, "Omi ń bọ̀!" Ó bọ́ sí i rẹ́gí. Kí a tó dé ìkòríta, gbogbo ẹnu ti gbà á. Ìyá rẹ ti ṣíwájú, ó ń wọlé kí àwọn èèyàn láti ojúlé dé ojúlé, ariwo nìkan ló ń gbọ́ lókèèrè. Èmi gbọ́ ketekete, ọmọ mi, mo sì dákẹ́. Èrò ń pọ̀ sí i, mo sì fẹ́ kí ìyá rẹ wọlé ìbò. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi dákẹ́.

Ṣé o rántí Màmá Oníbọ́tìnnì, opó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi? Ó gbé àgbá omi rẹ̀ méjèèjì fún àwọn èèyàn, ó ní wọ́n ń gba òun láyè, omi kúkú ń bọ̀. Ìgbà tó bi ìyá rẹ pé ọjọ́ wo ni omi máa dé gan-an ni àṣírí tú.

Ìyá rẹ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo, ì bá sì sàn kó pariwo. Ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ọ?" Mo ní mo gbọ́, mo kàn dákẹ́ ni. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí n kò tíì kàn tán. Ó ní, "Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, mi ò tan aláìsàn jẹ rí, kódà ẹni tó ń kú lọ. Ẹ̀yin tí ẹ dá orin náà ni kẹ́ ẹ lọ tún un ṣe."

Nítorí náà ni mo ṣe dìde ní ìpàdé àná, níwájú gbogbo èèyàn. Mo sọ pé omi kò sí lọ́wọ́ kánsù, pé ohun tí Nọ́ọ̀sì lè ṣe ni kó kọ̀wé sí iléeṣẹ́ omi, kó sì ka èsì wọn fún wa, ìbáà dára, ìbáà burú. Mo fi ọ̀rọ̀ dí àyè àtẹ́wọ́ mẹ́rin náà: "Ẹ bi í wò!" Wọ́n kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹnì kan ní, "Kí la wá fẹ́ dìbò fún?" Ọ̀pọ̀ ti lọ kí a tó parí. Lọ́jọ́ Sátidé ni ìbò. Ó ṣeé ṣe kí ìyá rẹ fìdí rẹmi, èmi ni mo sì fà á. Ó dùn mí wọra.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹnu rẹ kó bá ọ. Ilé rẹ á tòrò, ọmọ rẹ á dàgbà níṣojú rẹ, wàá sì jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Bá mi kí ọkọ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ tó bí ọ lọ́mọ,
Gbẹ́nàgbẹ́nà.

Mo gbàgbé: Irọ́ ni, n kò gbàgbé, ẹ̀rù ló bà mí. Láràárọ̀ ni mo ń pọnmi fún Màmá Oníbọ́tìnnì báyìí. Lánàá mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí ìyá rẹ. Ó ní, "Èmi bínú sí Nọ́ọ̀sì kẹ̀? Ṣé òun ló sọ fún mi ni? Ojú fèrèsé ni mo wà lọ́jọ́ kẹta tí ẹ ń kọjá. Ohùn tìrẹ ni mo gbọ́ tó ní omi ń bọ̀. Mo ní ẹni yìí ò purọ́ fún mi rí." Òótọ́ ló sọ. Lọ́jọ́ kẹta, ẹnu èmi náà ti ń wí i. Mo sọ fún ìyá rẹ pé mo dákẹ́ ni. Kò tíì mọ èyí.