Wọn Kò Ka Àdúrà Bàbá Dé Ìsàlẹ̀

Ìbíwùmí ọmọ mi,

O ṣì wà nídìí kànga, mi ò sì lè dúró. Mo ti sáré lọ sí Bẹyẹrúnkà, sọ́dọ̀ Bàbá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.

Wo àdúrà àárọ̀ tí Bàbá fi sórí Wáàsáàpù ẹbí. Tẹ ibi tó ní kó o kà sí i. Lẹ́yìn gbogbo ìbùkún yẹn ni wọ́n kọ ọ́ pé: "Èémí mi kò délẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnìkan wá." Gbogbo ẹbí ló dáhùn pé "Àmín." Ìwọ náà fi òdòdó sí i.

Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú ni mi ò ti lè fèsì níbẹ̀. Àǹtí Comfort ní, "Ìyàwó wa ń ka tiwa, ẹnu ló wúwo." Òótọ́ ni, mò ń kà á. Mo pe Bàbá títí, wọn ò gbé e.

Pe àbúrò mi Emmanuel, kó gbé mọ́tò rẹ̀ wá bá mi. Lẹ́yìn náà, kọ ọ́ fún ẹbí pé èémí Bàbá kò délẹ̀ mọ́. Má kí wọn káàárọ̀ o. Bí àdúrà bá ṣáájú, "Àmín" ni wọn yóò tún sọ.

Màmá rẹ