Ìwàásù Àjíǹde fún Àwọn Tí A Kì Í Rí

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ọdún Àjíǹde ti kọjá, èmi ni mo sì wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ola. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi tí ẹ máa ń fà létí kí n má baà sùn lórí bẹ́ǹṣì! Ṣọ́ọ̀ṣì mélòó kan ni àlùfáà wa ń bójú tó, Èjìgbò ló sì máa ń wà lọ́jọ́ ọdún. Ló bá ní kí èmi tíṣà di tiwa mú.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọjọ́ yẹn ṣe máa ń rí. Àwọn tó wà ní Abidjan á ti dé, àwọn tó wà l'Ékòó á ti dé, àwọn tó jẹ́ pé oko ni wọ́n ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi á jáde nínú aṣọ tuntun. Àwọn ìbátan wa tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí pàápàá á wá bá wa jókòó díẹ̀. A máa ń yá bẹ́ǹṣì níléèwé. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, a ó ku àwa díẹ̀ tá a máa ń jókòó káàkiri bí àgbàdo tí ẹyẹ ti ṣà jẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, Bàbá Ìjọ wá bá mi nílé. Ẹ rántí wọn, àwọn ni wọ́n máa ń wúkọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kí ìwàásù parí. Wọn ò tiẹ̀ jókòó dáadáa.

“Tíṣà, bá wọn wí lọ́la. Ọjọ́ kan ṣoṣo la máa ń rí wọn mú. Tí o ò bá sọ ọ́ lọ́la, ìgbà wo lo tún fẹ́ sọ ọ́?”

“Bàbá, tá a bá bá wọn wí, ṣé wọ́n á wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?”

“Wọn ò ní wá. Ṣùgbọ́n wọ́n á mọ̀ pé a rí wọn.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo ń rò. Ìgbà mẹ́ta lẹ máa ń wá lọ́dún: Àjíǹde, Ìkórè àti ọdún tuntun. Ọjọ́ Ìsinmi ni ọjà gààrí yín máa ń bọ́ sí, ẹ ò sì ní ẹlòmíì tó máa bọ́ wa. Ẹ máa ń wo obìnrin tó wà níwájú yín kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ máa ń wò ó kẹ́ ẹ tó jókòó. Ẹ̀rù máa ń bà yín pé ẹ̀yin nìkan lẹ máa dá dúró. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo máa ń rí yín?

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Káyọ̀dé, náà sì ti dé láti Abidjan. Láti ọjọ́ ìsìnkú yín, tí oníwàásù ìgbà yẹn sọ lójú pósí pé ìjọ ò fi bẹ́ẹ̀ mọ olóògbé, wọn ò tíì wọ ṣọ́ọ̀ṣì kankan. Wọn ò sọ fún mi bóyá wọ́n máa wá. Èmi náà ò bi wọ́n.

Mo pa ohun tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ tì. Ó kún fún ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé àwa tá a máa ń wà níbẹ̀ nìkan ló máa yé. Ìtàn ọjọ́ Àjíǹde gan-an, bí èyí tí mò ń sọ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, ni mo tún kọ. Ṣùgbọ́n mo kà á kọjá ibi tá a máa ń dúró sí, mo kà á dé ọ̀dọ̀ Tọ́másì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọdún la máa ń ka ti Tọ́másì nínú ìjọ wa. Mo wá rò ó pé ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni Tọ́másì, ìgbà tí àwọn tí kì í sí níbẹ̀ bá sì ti lọ tán la máa ń sọ ìtàn rẹ̀.

Láàárọ̀, mo ní káwọn tó ń júwe ìjókòó fi àwọn bẹ́ǹṣì tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn tó bá pẹ́, kí àwa ará ilé lọ jókòó níwájú. A ò ní kí àlejò dìde ká wò wọ́n. Orin tí gbogbo èèyàn mọ̀ láti kékeré la kọ, mo sì ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́ ṣáájú pé, “Ẹ jẹ́ ká dìde,” “Ẹ jókòó.”

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù nígbà tí Bọ̀dá Káyọ̀dé wọlé. Wọ́n jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì tó gbẹ̀yìn, ẹsẹ̀ wọn kan sì wà níta.

Mo ní, “Lálẹ́ ọjọ́ tí Jésù jí, Ó wá bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn Rẹ̀ nínú yàrá. Tọ́másì ò sí níbẹ̀. Ìwé ò sọ ibi tó lọ. Bóyá oko ni. Bóyá ọ̀fọ̀ ló ń dá ṣe. Bóyá inú ń bí i sí àwọn yòókù.”

Ìyá àgbà kan láti ìlú Ara, tí mi ò rí rí, pariwo láti ẹ̀yìn: “Kí ni wọ́n wá ṣe fún un?”

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Mà, wọn ò bi í pé níbo lo wà. Wọ́n ní, ‘A ti rí Olúwa.’ Ó ní òun ò gbà. Wọn ò lé e. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yí po, ó wà láàárín wọn. Olúwa tún padà wá, Ó sì lọ bá a tààrà. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yìí náà ló wá pe Jésù ní Ọlọ́run òun. Nínú yàrá yẹn, kò sẹ́ni tó tíì sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀.”

Mo ní ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí wọ́n mú lọ: Ẹni tó jí ò bínú sí ẹni tó pẹ́. Mo ní tí wọ́n bá padà síbi tí wọ́n ti wá, kí wọ́n wá àwọn èèyàn tó ń pàdé láti jọ́sìn, kí wọ́n jókòó tì wọ́n. Mo parí rẹ̀ níbẹ̀. Bàbá Ìjọ ò tíì ráyè wúkọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá bá mi nínú yàrá tá a ti ń pààrọ̀ aṣọ ìsìn. Mo ti ń múra àlàyé sílẹ̀. Wọ́n tú bọ́tìnì ọrùn wọn.

“Ọmọ mi tó wà ní Ìbàdàn wọlé láàárọ̀ yìí,” ni wọ́n sọ. “Mi ò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Bí mo ṣe rí i báyìí, àyà mi já. Mo ní, Ọlọ́run, kí Tíṣà má ṣe ohun tí mo ní kó ṣe o.”

Mo kàn di ọwọ́ wọn mú.

Bọ̀dá Káyọ̀dé dúró dè mí níta. “O ò bú wa,” wọ́n ní.

“Ṣé kí n bú yín ni?”

“Mo ti múra ìjà sílẹ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì yíjú kúrò. “Màámi ì bá jókòó dópin lónìí.”

Ṣé òótọ́ ni, Màámi? Ṣé ẹ ì bá jókòó?

Mi ò ní purọ́ fún yín. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwa díẹ̀ náà la tún kù. Ìyá àgbà ará Ara yẹn nìkan ló yàtọ̀, wọ́n gun ọ̀kadà wá, wọ́n sì jókòó síwájú pátápátá.

Bí mo ṣe ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ni fóònù mi dún. Bọ̀dá Káyọ̀dé ni, láti Abidjan. Mo ń gbọ́ orin Yorùbá lẹ́yìn wọn.

“Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn èèyàn wa ni mo wà. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Ṣé kí n ṣì wọlé?”

“Ẹ wọlé, bọ̀dá mi.”

Orin náà ń dún sókè sí i, bí ìgbà tí èèyàn ń rìn sún mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ni fóònù já. Mi ò pè wọ́n padà. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sì ń dá rẹ́rìn-ín.

Ẹ sùn ire, Màámi. Àárò yín ń sọ mí gan-an.

Èmi ni, àbígbẹ̀yìn yín tó fẹ́ràn yín.