Kẹ̀kẹ́ Màmá Aránṣọ àti Ìtìjú Mi

Yàrá Kẹrin,
Òkè Ilé Aránṣọ,
Ẹ̀yìn Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Aláriwo, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbọ́ràn? Àbúrò rẹ tó ń kọ́ fèrè ńkọ́, ṣé àwọn ará àdúgbò ò tíì lé yín kúrò nílé? Ara mi le, àfi ẹnu mi tó ṣì ń ṣàìsàn bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Oṣù keje rèé tí mo dé ìlú yìí, dígí yàrá mi ni mo sì ń bá sọ̀rọ̀ jù.

Jókòó kí o tó ka èyí: mo ti di olè.

Má pariwo. Màmá aránṣọ kan ló ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa. Kẹ̀kẹ́ ológeere pupa ni wọ́n fi ń kó aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo sáré sọ̀kalẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà wà lẹ́nu ọ̀nà, kò ní àgádágodo. Ojú tì mí láti kan ilẹ̀kùn kí n tọrọ rẹ̀. Ojú ò tì mí láti gùn ún lọ. Mo ní màá dá a padà kí wọ́n tó mọ̀. Kí n tó jáde nínú ìdánwò, olè mìíràn tó mọṣẹ́ jù mí lọ ti gbé e.

Ẹ̀rọ ayàwòrán ẹnu ọ̀nà ti yà mí, àtẹnu tó là sílẹ̀ àti bàtà tí mo wọ̀ sódì. Ọlọ́pàá dé, mo jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní nítorí pé n ò jalè rí, agbẹjọ́rò ìjọba lè dá fáìlì náà dúró kí onílàjà kọ́kọ́ gbọ́ ọ, bí màmá bá gbà. Bí wọn ò bá gbà, ó di ilé ẹjọ́. Bí ilé ẹjọ́ bá sì dá mi lẹ́bi, ilé-ẹ̀kọ́ á lé mi.

Onílàjà náà ò ju ẹ̀gbọ́n mi lọ lọ́jọ́ orí. Èmi nìkan ló kọ́kọ́ wá bá.

“Ṣé o gbé kẹ̀kẹ́ yẹn?”

“Mo yá a ni, bọ̀dá.”

“Ta ló yá ọ?”

Ó ní bí n ò bá gbà pé mo ṣẹ̀, kí n lọ jiyàn níwájú adájọ́, òun kì í ṣe adájọ́. Mo gbà. Ó wá lọ bá màmá. Wọ́n kọ̀. Kò bẹ̀ wọ́n. Ó ní kò pọn dandan, ó fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mi ò fi sùn dáadáa kí wọ́n tó pè é pé àwọn gbà.

Yàrá kékeré kan lókè ilé ìkàwé ni a ti pàdé. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lè mú alátìlẹ́yìn kan wá. Màmá mú àbúrò wọn wá, nọ́ọ̀sì kan tí ojú rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Èmi ò rí ẹni mú wá. Àga tìrẹ ló ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Aláriwo. Onílàjà ṣe òfin: ẹnìkan ni kó máa sọ̀rọ̀, kò sí èébú, ẹni tí ara rẹ̀ ò bá gbà á lè dìde, ohun tí a bá sọ níbẹ̀ kò sì ní dé ilé ẹjọ́. Ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, kí ni mo ń rò lọ́kàn, ta ló pa lára. Mo dáhùn bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀ yọ.

Ó kan màmá. Wọ́n ní àwọ́n fẹsẹ̀ rìn gbé aṣọ ìyàwó kan lọ nínú òjò, ìyàwó sì sunkún.

“Ṣùgbọ́n kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ló dùn mí jù. Oṣù mẹ́rin gbáko lo fi ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi bí ẹni pé àga ni mí. O ò kí mi rí! Mo ní ò ń fojú tín-ín-rín wò mí ni. Ká ní o kan ilẹ̀kùn, màá gbé e fún ọ.”

“Ẹ̀rù yín ló ń bà mí, mà.”

“Ẹ̀rù wọn bà ọ́,” nọ́ọ̀sì ní, “ẹ̀rù kẹ̀kẹ́ wọn ò bà ọ́?”

Onílàjà fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Màmá gan-an rẹ́rìn-ín.

Ó wá béèrè ohun tí yóò tún nǹkan ṣe. A fẹnu kò: màá kó aṣọ wọn fún àwọn oníbàárà ní Sátidé mẹ́jọ, màá fi ọwọ́ ara mi tún kẹ̀kẹ́ àlòkù kan ṣe fún wọn ní ilé iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa kí ọ̀sẹ̀ kẹrin tó pé. Màmá ní ó ku ẹyọ kan: kí n máa kan ilẹ̀kùn kí àwọn láràárọ̀.

Onílàjà họrí. “Mà, àdéhùn gbọ́dọ̀ ṣeé yẹ̀ wò.”

“Màá máa fa ìlà sí kàlẹ́ńdà bó bá ti kí mi.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀: kí aago mẹ́jọ tó lù, kó sì ṣeé gbọ́. A fọwọ́ sí i. Bí mo bá yẹ̀ ẹ́, fáìlì á padà sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba.

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ní, “Èyí ò wọlé, tún kí mi.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kí wọn, ajá ilé kejì ló kọ́kọ́ dáhùn.

Sátidé tó kọjá, onílàjà wá ka ìlà orí kàlẹ́ńdà, ó wo kẹ̀kẹ́ tuntun-àlòkù náà, ó ní òun á fi ìwé ránṣẹ́ pé mo ti mú àdéhùn ṣẹ, fáìlì á sì parí síbẹ̀. N ò ní rí adájọ́ sójú.

Ní Mọ́ńdè, ìwà mi àtijọ́ padà wọ̀ mí. Mo ní àdéhùn ti parí, màmá á ti sinmi lọ́wọ́ mi. Mo ń yọ́ sọ̀kalẹ̀ bí ológbò ni ilẹ̀kùn ṣí, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn wọn.

“Ṣé onílàjà ló ní kí o má kí mi mọ́?”

“Rárá o, mà.”

“Padà sókè. Kí o sọ̀kalẹ̀ bí ọmọ ènìyàn.”

Mo padà sókè. Mo sọ̀kalẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn tó ti ṣí sílẹ̀.

Bá mi kí màmá rẹ àti orúnkún wọn, kí o sì kí afọnfèrè. Bí o bá wá kí mi, ìsàlẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ yà.

Èmi ni, tìrẹ tó ti ń lanu díẹ̀díẹ̀,

Dákẹ́jẹ́ẹ́.