Ìtàn Ọmọ Adìẹ Tí Mo Ń Sọ fún Ìbíọlá

                                                  Agbonou,
                                                  Lẹ́bàá Atakpamé.
                                                  Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, 1978.

Fádáhùnsí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Elavagnon? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ ti kó iṣu wọlé tán? Tiwa níbí, a dúpẹ́, àmọ́ ẹnu lásán ni mo fi ń dúpẹ́. Ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe iṣẹ́ oko ló sì rẹ̀ mí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ni.

Julienne, ìyàwó Maurice ọmọ mi, bí ọmọkùnrin kan ní ilé ìwòsàn l'Atakpamé. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ máa dìde kiri títí ojú ọgbẹ́ yóò fi jinná. Adèle ìyàwó mi ti lọ tọ́jú rẹ̀. Maurice wá gbé Ìbíọlá, ọmọ wọn àgbà, wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí gbogbo Agbonou ń pé jọ gbọ́ àlọ́ lẹ́nu yín, ọmọ kan ṣoṣo kò ní ṣòro fún yín láti mú sùn." Mo gbà. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo igun ilé. Mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó dì mọ́ mi lọ́rùn. "Baba, ó dú." Mo ní ó dú lóòótọ́, alẹ́ ló lẹ́. Ẹkún bẹ́.

O mọ̀ mí. Mo fa àlọ́ yọ. Ti ọdẹ tó ṣìnà nínú igbó ni mo mú, mo sì ké bí ẹranko níbi tó ti yẹ kí n ké. Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí mi. Lọ́jọ́ kejì mo ní n ó gba ọ̀nà tààrà, mo ní, "Kò sí iwin kankan nínú òkùnkùn." Kò gbọ́ orúkọ iwin rí láyé rẹ̀. "Iwin dà?" ló bi mí, ló bá ń yọjú wo abẹ́ tábìlì. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi mú iwin wọlé. Mo sọ ti oòrùn tó lé òkùnkùn lọ, ó ní kí n lọ pe oòrùn wá. Mo wá mú àlọ́ tó lórin, inú mi sì dùn nígbà tó rẹ́rìn-ín. Àṣé ijó ló fẹ́ jó. Ó dìde dúró, ó ń pàtẹ́wọ́, oorun sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lucie tí ilé rẹ̀ kangun sí tiwa ń gbọ́ igbe, ó sì ròyìn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn nígbà tó lọ kí Julienne. Ta ló rán an? Maurice dé pẹ̀lú ojú líle.

"Bàbá, Julienne ní bí ọmọ òun bá tún sunkún bẹ́ẹ̀, òun á dìde wálé, kí ojú ọgbẹ́ ṣe bó bá ṣe fẹ́. N ó kúkú gbé Ìbíọlá lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Lomé."

Inú bí mi. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí, ilé tí kò mọ̀ rí ni wọ́n tún fẹ́ gbé e lọ. Mo ní kó fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Bó ṣe lọ tán ni mo rántí pé n kò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ń kó adìẹ wọlé. Àgbébọ̀ wa ti bà sílẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń wọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Ìbíọlá lóṣòó tì í. Ilẹ̀ ti ń ṣú, kò bẹ̀rù.

"Wọ́n dà?"

"Wọ́n wà lábẹ́ ìyẹ́ ìyá wọn."

Ó tẹ orí wálẹ̀, ó yọjú wo ibẹ̀. "Ó dú."

Mo ní, "Ó dú. Ó gbóná. Wọ́n ti ń sùn."

Ó kàn ń wò. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé gbogbo àlọ́ mi ni mo fi ń bá òkùnkùn jà, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò tíì mọ̀ pé òkùnkùn lè dára.

A wọlé. Mo ṣàkíyèsí pé àtùpà tó wà lẹ́yìn mi ń sọ òjìji mi di òmìrán lára ògiri. Mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀. Mo tẹ́ ọmọ náà sórí ẹní, mo jókòó tì í, mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, mo ní:

"Ọmọ adìẹ kékeré kan wà. Ilẹ̀ ti ṣú. Ọmọ adìẹ ní, 'Ṣíó, ṣíó.' Ìyá rẹ̀ ní, 'Kọ́ọ̀, kọ́ọ̀, mo wà níbí.' Ewúrẹ́ ńkọ́? Ewúrẹ́ ti sùn. Àgùntàn ńkọ́? Àgùntàn ti sùn. Ìkòkò ńkọ́? Ìkòkò ti sùn. Ọmọ adìẹ wọ abẹ́ ìyẹ́ ìyá rẹ̀. Abẹ́ ìyẹ́ dú. Abẹ́ ìyẹ́ gbóná. Abẹ́ ìyẹ́ rọ̀. Ọmọ adìẹ di ojú. Ó sùn."

Ó tán. Bí mo ṣe ń lọ ni mo ń fa ọ̀rọ̀ gùn, tí mo sì ń rẹ ohùn sílẹ̀, gbólóhùn tó gbẹ̀yìn kò ju èémí lọ. Kò lórin, kò lẹ́kọ̀ọ́. Ìyá adìẹ kò tilẹ̀ sọnù kí ọmọ wá a. Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀. Bí o bá wà níbẹ̀, wàá fi mí ṣẹ̀sín títí ọdún á fi yí. Àmọ́ ọmọ náà ní, "Tún sọ." Mo tún un sọ. Ó ní, "Tún sọ." Nígbà tó yá, ó ń bá mi sọ "ti sùn," mo kàn ń bi í ni, òun ń dáhùn. Ó sùn, kò sunkún.

Maurice dé lọ́jọ́ kejì, ó bá ọmọ tó ń jẹ ẹ̀kọ níjókòó, ó sì padà lọ jíṣẹ́ fún Julienne. Ọ̀rọ̀ Lomé ti kọjá. Èmi ni ìyà kù fún. Láti ìgbà náà, ìtàn kan náà ni lálaalẹ́. Mo fi ajá rọ́pò àgùntàn lọ́jọ́ kan, torí ó ti sú mi. Ó dìde jókòó. "Rárá. Àgùntàn." Mo fo ìkòkò, ó bi mí léèrè ìkòkò. Èmi Ẹ̀taòkò, tí àgbàlagbà ń bẹ̀ kí n má tíì parí ọ̀rọ̀!

Lánàá, a kò tíì dé ibi ewúrẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi ṣí ilẹ̀kùn, tó sì pa àtùpà. Ilé dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ń retí igbe. Mo gbọ́ tó ń fa aṣọ ìbora, ó fà á bo orí ara rẹ̀, ó sì tún nawọ́ jáde, ó fa etí aṣọ náà kan bo apá mi. Láti abẹ́ aṣọ, ó ní, "Baba, ó rọ̀." Kò pẹ́, mo gbọ́ èémí oorun rẹ̀.

Mo jókòó sínú òkùnkùn, n kò lè dìde, torí ọwọ́ rẹ̀ wà lára mi. Nígbà tí mo dìde, mo wá ìṣáná títí, mo fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọ odó. N kò gbọdọ̀ pariwo. Ṣé o rí ayé mi?

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì bá mi kí Olúgbódi ọ̀rẹ́ wa. Sọ fún un pé mo gbọ́ nípa ilé tó ń kọ́. Bí o bá ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà, gbé àlọ́ tìrẹ dání, ó ń ṣe mí bíi kí n gbọ́ ti àgbà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọmọ bá sùn ni o, mo bẹ̀ ọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ìka ẹsẹ̀ ń dùn,
Isidore Ẹ̀taòkò