Ìwọ Tí Orúkọ Rẹ Wà Lábẹ́ Ìlà

Abúlé Ògúnjìmí,
Ọjọ́ Ajé.

Oyèlékè Àjàdí, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ kò pọ̀ jù? Olúwa tó mú ọ dé Ìsọlọ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ti san, ó tún ti ń rìn lọ bá àwọn èèyàn jà lọ́jà. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì.

Gàfárù onílọ́rì mú pósítà tí o fi rán an dé. Ó ní irú rẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ káàkiri ara ògiri l'Óṣòdì títí dé ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Mo fi ẹ̀kọ lẹ èyí mọ́ iwájú ilé wa. Ewúrẹ́ ti lá igun kan nínú rẹ̀, àmọ́ kò débi orúkọ rẹ.

Mo ka nọ́ńbà àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà lára rẹ̀. Mọ́kànlá wà lókè, wọ́n fa ìlà, wọ́n wá kọ mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀, ìwọ sì ni nọ́ńbà kẹrìnlá, ìwọ lo gbẹ̀yìn pátápátá. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé bí ọba bá ń jáde, àwọn ọmọdé ló ń ṣáájú.

Ni Tíṣà Ọlọ́runyọmí bá dé, ó ka òyìnbó ibẹ̀ fún wa. Ó ní ẹgbẹ́ yín, Ìsọlọ̀ Rófàs, ló fẹ́ pàdé Èjìgbò Sítáàsì lọ́jọ́ Sátidé ní pápá ilé ìwé Ìsọlọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ géérégé ni wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, àgbà á san àádọ́ta kọ́bọ̀, ọmọdé á san ogún. Ó ní ẹni kìíní ni aṣọ́lé, òun nìkan ló lè fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù, ẹni kẹsàn-án ló ń wá góòlù kiri, ẹni kọkànlá sì ń sáré lápá òsì. Ó wá rọra sọ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábẹ́ ìlà, ẹ máa wọ aṣọ bọ́ọ̀lù, ẹ máa jókòó sórí bẹ́ńṣì, títí kóòṣì á fi yọ ẹnì kan, ẹni méjì péré ló sì lè pààrọ̀.

Fákúnlé aládùúgbò wa bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé torí kó lè jókòó sórí bẹ́ńṣì lọmọ mi ṣe lọ sí Èkó. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Mo wá bi í pé, “Fákúnlé, èwo nínú iṣu rẹ lo kì í jẹ?” Gbogbo wa la mọ̀ pé iṣu tó dára jù la máa ń fi pamọ́ de ìgbà gbígbìn. Kóòṣì yín, àgbẹ̀ gidi ni.

A ń bọ̀ ní Sátidé, èmi, ìyá rẹ, tíṣà, àti Fákúnlé fúnra rẹ̀. Bí lọ́rì bá pẹ́, bẹ rẹfirí kó ní sùúrù díẹ̀, kó sọ fún àwọn ará Èjìgbò pé àgbà ló wà lọ́nà. Tíṣà ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ kí bàbá agbábọ́ọ̀lù wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. N ò fẹ́. Ọmọ tí gbogbo ayé ń sanwó wò, èmi náà á sanwó wò ó. Torí náà, fi náírà méjì ránṣẹ́, ká fi san owó ẹnu ọ̀nà àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó o sì fi owó lọ́rì lé e.

Ọlọ́run á jẹ́ kí kóòṣì pè ọ́ nígbà tìrẹ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ. Ṣùgbọ́n bí kóòṣì kò bá pè ọ́, má fajú ro. Jókòó dáadáa, kó o kẹ̀yìn sí wa díẹ̀ ká lè rí nọ́ńbà rẹ. Kí bọ́ọ̀lù máa lọ síbi tó bá wù ú. Ní tèmi, orí bẹ́ńṣì yẹn ni mo máa wò.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abórìṣàdé.